Àyẹ̀wò Ní Kò Sí Nǹkan, Àmọ́ Ara Ò Yéé Dunni: Kí Ni Àìsàn Ìdààmú Àmì Ara?

"Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe yín." Gbólóhùn yìí ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Dókítà tó sọ ọ́ rò pé ìròyìn ayọ̀ lòun mú wá. Ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ gbọ́ ọ bíi pé wọ́n pe òun ní òpùrọ́. Ó padà sílé, àyà ṣì ń fún un, òòyì ṣì ń kọ́ ọ, inú ṣì ń run ún, kò sì mọ ẹni tó tún lè sọ ọ́ fún.

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá tún dé sójú táyé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà méjì làwọn èèyàn máa ń gbé e gbà. Àwọn kan á ní ìrònú lásán ni, kí onítọ̀hún lọ fọkàn balẹ̀. Àwọn mìíràn á ní àrùn gidi wà níbẹ̀, dókítà ni ò mọṣẹ́. Orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni sọmátíìkì símtọ́ọ̀mù dísọ́dà. Nínú àlàyé yìí, àìsàn ìdààmú àmì ara la ó máa pè é. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní apá méjèèjì ò sì mọ̀ ni pé ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti dẹ́kun fífi "àyẹ̀wò ò rí nǹkan" dá àìsàn yìí mọ̀. Ọdún 2013 ni wọ́n yí i padà, ìyípadà yẹn gan-an ló sì fa èyí tó pọ̀ jù nínú àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀.

Báwo ni àìsàn yìí ṣe máa ń rí lára èèyàn?

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpèjúwe. A fúnra wa la to ìtàn rẹ̀ jọ kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, àmọ́ dókítà tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á ti rí irú rẹ̀ rí. Ọmọ ọdún 38 ni, olùṣírò owó ni. Oṣù kan lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú ikú òjijì, ó ta jí lóru, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì, àyà rẹ̀ fún bí ìgbà tí ẹnì kan fi okùn dì í. Wọ́n sáré gbé e lọ síbi ìtọ́jú pàjáwìrì. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wò ó bóyá iṣan ọkàn ti fara pa, bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, àti bóyá ẹṣẹ́ ọrùn ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, torí ìyẹn náà máa ń mú kí ọkàn sáré. Gbogbo rẹ̀ dára. Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Oṣù mẹ́jọ ti kọjá, ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán. Ó ti lọ bá dókítà mẹ́ta. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn rẹ̀, wọ́n ti ní kó rìn lórí ẹ̀rọ títí tó fi làágùn, wọn ò rí àléébù kankan. Ní báyìí, ìka méjì ló ń tẹ̀ mọ́ ọrùn láti ka ìlù ọkàn rẹ̀: bó bá jí, kó tó wọ ọkọ̀, láàárín ìpàdé níbi iṣẹ́, àti lóru. Kì í gun àtẹ̀gùn mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń sùn, torí bó bá fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, ó máa ń gbọ́ ìlù ọkàn rẹ̀ nínú ìrọ̀rí. Wákàtí méjì ló ń lò lálaalẹ́ láti máa ka ọ̀rọ̀ nípa àrùn ọkàn lórí fóònù.

Ohun mẹ́ta ni dókítà ń wá kó tó lè sọ pé àìsàn ìdààmú àmì ara ni. Àkọ́kọ́, ó kéré tán, nǹkan kan gbọ́dọ̀ máa ṣe èèyàn lára, tó ń kó ìnira bá a tàbí tó ń da ìgbé ayé rẹ̀ rú. Ìkejì, ìrònú, ẹ̀rù tàbí ìwà rẹ̀ lórí ohun tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ ti kọjá bó ṣe yẹ. Ó lè jẹ́ pé gbogbo ìgbà ló ń rò pé ohun náà burú ju bó ṣe rí lọ, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù ìlera kì í kúrò lọ́kàn rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé àkókò àti agbára tó pọ̀ jù ló ń lò lórí rẹ̀. Ọ̀kan péré nínú wọn ti tó. Ìkẹta, ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, èyí tó sábà máa ń ju oṣù mẹ́fà lọ, kódà bí ibi tó ń dun onítọ̀hún bá ń yí padà láti orí sí ikùn, láti ikùn sí ẹ̀yìn.

Obìnrin wa ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ibì kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ti béèrè pé ṣé àyẹ̀wò rí nǹkan tàbí kò rí i.

Kí ló yí padà ní 2013?

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ló ń tẹ ìwé tí wọ́n ń pè ní DSM, ìwé tí wọ́n to gbogbo àìsàn ọpọlọ sí pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀. Nínú ẹ̀dà kẹrin, tó jáde ní 1994, ọ̀nà tóóró ni wọ́n là sílẹ̀. Kí wọ́n tó lè pe èèyàn ní ẹni tí ìdààmú ọkàn rẹ̀ ń gba ara jáde, ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbọ́dọ̀ ti máa dùn ún, ìṣòro méjì gbọ́dọ̀ wà nínú ikùn, ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, àti ọ̀kan tó jọ àrùn ọpọlọ, bí apá tó kú tipiri. Gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọmọ 30 ọdún. Lórí gbogbo ìyẹn, àyẹ̀wò ò gbọ́dọ̀ rí ohun tó lè ṣàlàyé rẹ̀ tán. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló lè gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá. Àwọn tó kù, tí ìyà ń jẹ bákan náà, inú àwọn orúkọ mìíràn tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtó ni wọ́n ń kó wọn sí.

Ní oṣù karùn-ún 2013, ẹ̀dà karùn-ún, DSM-5, jáde. Wọ́n kó àwọn orúkọ àtijọ́ yẹn dànù, wọ́n fi ẹyọ kan rọ́pò èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ "tí oníṣègùn ò rí ìdí rẹ̀" kúrò.

Ìdí wọn rèé. Ká sọ pé a ò rí ìdí ìrora kan, ohun tí ìyẹn ń sọ fún wa nípa àyẹ̀wò tá a ṣe pọ̀ ju èyí tó ń sọ nípa aláìsàn lọ. Ẹni tó ṣe àyẹ̀wò méjì àti ẹni tó ṣe mẹ́wàá kò ní dé ibì kan náà. Yàtọ̀ síyẹn, ìrora tí a ò rí ìdí rẹ̀ wọ́pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ní 1989, àwọn olùṣèwádìí méjì, Kroenke àti Mangelsdorff, tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi tọpa ìwé ìtọ́jú 1,000 aláìsàn fún ọdún mẹ́ta. Ohun 14 tó wọ́pọ̀ ni wọ́n wò, lára wọn ni àyà dídùn, àárẹ̀, òòyì, orí fífọ́ àti ẹ̀yìn dídùn. Nínú gbogbo ẹ̀sùn tuntun tí àwọn aláìsàn náà mú wá, 16 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n rí ìdí rẹ̀ gbámú nínú ara. Bó bá jẹ́ àìrí-ìdí ni òṣùwọ̀n, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń lọ rí dókítà ni ì bá máa gba orúkọ àìsàn ọpọlọ.

Ẹ wá fi èèyàn mẹ́ta wéra. Ọkùnrin kan wà tí ẹ̀yìn ti ń dùn láti ọdún méjì, wọ́n yàwòrán ẹ̀yìn náà títí, wọn ò rí nǹkan kan, àmọ́ ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó ń sùn dáadáa. Kò ní àìsàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ ìdí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkùnrin kejì ti ní àrùn ọkàn gidi lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti padà lágbára, dókítà ní kó máa rìn, àmọ́ ẹ̀rù ò jẹ́ kó dìde lórí àga, ìlù ọkàn rẹ̀ ló ń kà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó ní àìsàn yìí, pẹ̀lú àrùn ọkàn tó hàn gbangba nínú fáìlì rẹ̀. Ẹnì kẹta ni obìnrin wa. Lábẹ́ òfin àtijọ́, kò ní rọrùn fún ọkùnrin kejì láti wọlé. Lábẹ́ tuntun, òun àti obìnrin yẹn jọ wà nínú ilé kan náà, torí ohun tó ń dá àwọn méjèèjì dúró jọra.

Ìwé DSM-5 fojú bù ú pé àgbàlagbà 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ló lè ní in.

Ṣé irọ́ ni ẹni tó ní in ń pa?

Rárá. Ẹni tó ń díbọ́n àìsàn kó lè gba owó tàbí kó lè sá fún iṣẹ́ mọ̀ pé ohun ò ṣe òun, orúkọ tí wọ́n ń pe tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Àìsàn ọ̀tọ̀ tún wà fún ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ pa ara rẹ̀ lára kí wọ́n lè máa tọ́jú rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ẹni tó ní àìsàn ìdààmú àmì ara ń ṣe é ní tòótọ́. Kò yàn án.

Ó tún yàtọ̀ sí ẹni tí ẹ̀rù àìsàn ń bà ṣáá láìjẹ́ pé nǹkan pàtó kan ń dùn ún. Ìyẹn náà ní orúkọ tirẹ̀ láti 2013. Bí ìrora tàbí àárẹ̀ bá jẹ́ olórí ẹ̀sùn, ti obìnrin wa ni. Bí ẹ̀rù nìkan bá ni, tí ara fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́, ti ìkejì ni.

Báwo ni ohun tó wà lọ́kàn ṣe ń di ìrora nínú ara?

Ibí yìí ló yẹ ká ti fẹsẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, torí bí a ò bá mọ ọ̀nà tó ń gbà ṣẹlẹ̀, "ìdààmú ọkàn" á kàn máa dún bí èébú ni.

Ọpọlọ kì í dúró de ara kó tó mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀. Ó máa ń sọ tẹ́lẹ̀. Láti inú ohun tó ti rí rí, ó máa ń retí bí àyà, ikùn àti ẹsẹ̀ ṣe yẹ kó rí níṣẹ́jú tó ń bọ̀, á sì fi ìró tó ń bọ̀ láti inú ara wé ohun tó ń retí. Bí ìró náà bá kéré tí kò sì yéni, èyí tí ọpọlọ ń retí ló máa ń borí. Àwọn àgbà ti ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọpọlọ obìnrin tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lójijì ń retí ejò nínú àyà. Ìlù ọkàn kan tó ṣì ẹsẹ̀ gbé, irú èyí tó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa lójúmọ́ láìmọ̀, ti tó láti dà bí ejò yẹn.

Ohun tó tẹ̀ lé e ṣeé fojú rí. Ẹ̀rù dé, ara tú omi ìpayà sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn sáré sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí lemọ́lemọ́. Ẹni tó bá ń mí jù á mí afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú ọpọlọ á dín kù díẹ̀, òòyì á kọ́ ọ, ètè àti ìka rẹ̀ á máa ta ṣínṣín. Àwọn iṣan tó wà láàárín egungun ìhà á le, àyà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ní ti gidi, nítorí iṣan tó le pẹ́ máa ń dunni. Kò sí àrùn nínú gbogbo èyí, àmọ́ kò sí irọ́ níbẹ̀ náà. Bí wọ́n bá wọn ìlù ọkàn rẹ̀ lásìkò yẹn, wọ́n á rí i pé ó sáré lóòótọ́.

Ohun kejì ni àkíyèsí. Ẹni tó bá tẹ́tí sílẹ̀ sí ìlù ọkàn rẹ̀ á gbọ́ ọ ketekete ju ẹni tó ń ṣe nǹkan mìíràn lọ. Bó ṣe ń fi ìka tẹ ọrùn ní ọgbọ̀n ìgbà lójúmọ́, ọgbọ̀n ìgbà ló ń sọ fún ọpọlọ rẹ̀ pé ewu wà níbẹ̀, kó má ṣe gbójú kúrò.

Ìkẹta ló máa ń ya àwọn aláìsàn lẹ́nu jù: ìsinmi tó pọ̀ jù. Láti oṣù mẹ́jọ tí obìnrin yìí ò ti gun àtẹ̀gùn, iṣan ẹsẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ ti sọ agbára nù. Ní báyìí, bó bá gun àtẹ̀gùn àjà kan péré, ọkàn rẹ̀ á sáré ju bó ṣe máa ń sáré lọ́dún tó kọjá. Lójú tirẹ̀, ẹ̀rí nìyẹn pé àrùn náà ń burú sí i. Ohun tó ṣe láti dáàbò bo ara rẹ̀ ti di ohun tó ń pèsè ẹ̀rí tuntun fún ẹ̀rù rẹ̀.

Ikú bàbá rẹ̀ ló ta iná náà, àmọ́ ohun tó ń dáná sí i lójoojúmọ́ yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí bíbéèrè "kí ló ń dà yín láàmú?" nìkan kì í fi í tó. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ ní ìdààmú kan tí wọ́n lè tọ́ka sí. Àìsàn gidi kan ló bẹ̀rẹ̀ tiwọn, ibà tàbí ìjàǹbá ọkọ̀. Àìsàn náà lọ, ìṣọ́ra tó dá sílẹ̀ nínú ọpọlọ ò bá a lọ.

Kí ló dé tí àyẹ̀wò tó dára kì í fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀?

Ó ṣe é fún ọjọ́ díẹ̀. Obìnrin wa sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n ya àwòrán ọkàn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìbéèrè tuntun dé: bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n yà á tán ló bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ní 2013 kan náà, àwọn olùṣèwádìí méjì, Rolfe àti Burton, kó ìwádìí 14 jọ, èyí tí àwọn aláìsàn tó kópa nínú rẹ̀ lé ní 3,800, gbogbo wọn sì jẹ́ àwọn tí ohun tó ń ṣe wọn kò jọ àrùn ńlá. Wọ́n rí i pé ṣíṣe àyẹ̀wò kò fi bẹ́ẹ̀ dín ẹ̀rù tàbí ìrora wọn kù. Ohun tó ṣe ni pé ó dín ìgbà tí wọ́n padà lọ rí dókítà kù díẹ̀.

Ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀ ni pé àyẹ̀wò ń dáhùn ìbéèrè kan, ara sì ń béèrè òmíràn. Àyẹ̀wò ní: ọkàn yín kò ní àrùn. Ara ní: kí ló wá ń dùn mí? Bí dókítà bá dúró sórí ti àkọ́kọ́, aláìsàn á lọ wá ẹlòmíràn tó lè dáhùn ìkejì. Àyẹ̀wò tó ń pọ̀ sí i náà ní ewu tirẹ̀. Bí wọ́n bá wo ibi tó pọ̀ nínú ara ẹnikẹ́ni, wọ́n á rí nǹkan kékeré kan tí kò ṣe nǹkan kan, tí wọ́n á sì tìtorí rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò mìíràn.

Kí ni àwọn tó takò ó ń sọ?

Ẹni tí ohùn rẹ̀ dún jù ni Allen Frances, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ olórí àwọn tó ṣe ẹ̀dà kẹrin ìwé náà. Nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BMJ, ní 2013, ó ní ẹnu ọ̀nà tuntun yìí ti fẹ̀ jù. Ó mú iye kan jáde látinú ìdánwò tí àwọn tó ṣe ìwé náà fúnra wọn ṣe: nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní jẹjẹrẹ tàbí àrùn ọkàn ni òṣùwọ̀n tuntun yìí mú, ó mú 26 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ìfun wọn máa ń bínú tàbí tí gbogbo ara máa ń ro, ó sì tún mú 7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ara wọn le. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé ta ló lè sọ pé ẹ̀rù ẹni tó ní jẹjẹrẹ ti "pọ̀ jù"? Òṣùwọ̀n wo ni dókítà máa fi wọ̀n ọ́n?

Àwọn ẹgbẹ́ aláìsàn náà fi ohùn sí i, pàápàá àwọn tó ní àìsàn àárẹ̀ tí kì í lọ, tí wọ́n ti jìyà lọ́wọ́ "ìrònú lásán ni" fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé bí orúkọ àìsàn ọpọlọ bá ti wọ fáìlì èèyàn, dókítà tó tẹ̀ lé e kò ní wo ara rẹ̀ dáadáa mọ́. Wọ́n tún tọ́ka sí i pé àwọn obìnrin ni wọ́n sábà máa ń fún ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Joel Dimsdale, tó darí ìgbìmọ̀ tó kọ apá yẹn nínú DSM-5, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn pé òṣùwọ̀n àtijọ́ gan-an ló ń dójú ti aláìsàn, torí ohun tó ń sọ fún un ni pé ohun tó ń ṣe é kì í ṣe òótọ́ àfi bí ẹ̀rọ bá rí i. Wọ́n ní tuntun gba ìrora gbọ́ láìbéèrè ẹ̀rí, wọ́n ní níní jẹjẹrẹ tàbí kí ẹ̀rù rẹ̀ máa bani kò tó láti gba orúkọ yìí, ó gbọ́dọ̀ ti kọjá ààlà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gba ibi tó sún mọ́ tiwọn. Nínú ìwé rẹ̀ ICD-11, tí lílò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2022, ó pe tirẹ̀ ní ìnira ara. Òun náà yọ "àìrí-ìdí" kúrò, àmọ́ ó fi kún un pé àkíyèsí tó pọ̀ jù yẹn kò gbọ́dọ̀ rọlẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò tó yẹ àti àlàyé tó yẹ. Lójú tèmi, gbólóhùn kékeré yẹn wúlò púpọ̀, nítorí ó ń béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá òun náà ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ìbéèrè Frances lórí "pọ̀ jù" ṣì wà nílẹ̀ níbi méjèèjì.

Bó bá jẹ́ pé àrùn gidi ni wọn ò rí ńkọ́?

Ó ti ṣẹlẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì dunni. Ní 1965, Eliot Slater, dókítà ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù, tọpa àwọn aláìsàn tí wọ́n ti sọ fún pé ìdààmú ọkàn ló mú apá, ẹsẹ̀ tàbí ojú wọn dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó rí i pé àrùn gidi ló padà hàn lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn sì ti kú. Ní 2005, dókítà kan tó ń jẹ́ Jon Stone àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbogbo irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ. Àṣìṣe tó tó 29 nínú ọgọ́rùn-ún láwọn ọdún 1950 ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 4 láti àwọn ọdún 1970 wá. Àwọn tí apá tàbí ẹsẹ̀ wọn dáṣẹ́ sílẹ̀, àtàwọn tí gìrì ń mú, ni ìwádìí yẹn dá lé, a ò lè kó o lé gbogbo ìrora lórí. Síbẹ̀, 4 kì í ṣe òdo.

Fún ìdí yìí, orúkọ náà ò fi òpin sí wíwo ara. Àwọn àmì kan wà tó yẹ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tuntun fún, ohun yòówù kó wà nínú fáìlì: ẹni tó ń rù láìgbìyànjú láti rù, ibà tí kì í lọ, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ tàbí nínú ikọ́, apá tàbí ẹsẹ̀ tó ń rọ, ẹni tó dákú níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ agbára, àyà tó ń dùn nígbà tí èèyàn bá ń ṣiṣẹ́ tó sì ń rọlẹ̀ bó bá sinmi. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ohun tuntun tí kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Bí aláìsàn bá ní "eléyìí yàtọ̀ o," ó yẹ kí wọ́n gbọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀?

Ohun àkọ́kọ́ rọrùn débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà á sí ìtọ́jú: dókítà kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tí wọ́n ti dá. Ní 1986, Richard Smith àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí àwọn dókítà tó ń tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà ni pé kí dókítà máa rí aláìsàn náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà síra, yálà ohun ṣe é tàbí kò ṣe é. Kó fi ọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún, kó yẹ̀ ẹ́ wò nígbàkígbà tó bá wá. Kó má ṣe sáré gbé e sí ọsibítù tàbí kó pàṣẹ àyẹ̀wò ńlá àfi bó bá rí àmì tó dájú. Kó má sì sọ fún un láé pé orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Lẹ́tà lásán ni. Síbẹ̀, owó tí wọ́n ń ná lórí ìtọ́jú àwọn aláìsàn náà wálẹ̀ ní 53 nínú ọgọ́rùn-ún, ìlera wọn kò sì burú sí i.

Ọjọ́ tí wọ́n dá yẹn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìrora ni ìwé àṣẹ tí èèyàn fi ń rí dókítà, ìrora gbọ́dọ̀ wà kó tó rí i. Bó bá mọ̀ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ kẹrin sí òní, dókítà ń retí òun, ó lè dúró.

Ìkejì ni ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tó dá lórí ìrònú àti ìṣe. Ìwádìí ti fi hàn pé ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, bí àǹfààní rẹ̀ ò tilẹ̀ tóbi fún gbogbo èèyàn. Pẹ̀lú obìnrin wa, iṣẹ́ náà lè bẹ̀rẹ̀ báyìí. Wọ́n á ní kó mí lemọ́lemọ́ fún ìṣẹ́jú kan lórí àga, níwájú ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Òòyì á kọ́ ọ, ìka rẹ̀ á ta ṣínṣín, àyà rẹ̀ á fún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa rí i pé òun lè fi ọwọ́ ara òun mú un wá, tó sì tún lè lọ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá dín kíka ìlù ọkàn kù, láti ọgbọ̀n ìgbà sí ogún, sí mẹ́wàá, wọ́n á sì jọ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Àtẹ̀gùn náà á padà wọlé díẹ̀díẹ̀: àtẹ̀gùn márùn-ún lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mẹ́wàá ní ìkejì, yálà àyà ń fún un tàbí kò fún un.

Bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àìbalẹ̀ ọkàn tó le bá wà pẹ̀lú rẹ̀, èyí tó sì wọ́pọ̀, dókítà lè fún un ní oògùn fún ìyẹn. Kò sí oògùn kan tó jẹ́ ti àìsàn yìí nìkan.

Ohun tí wọ́n ń fi mọ̀ pé ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe kí ìrora tán pátápátá. Ó lè má tán. Ní oṣù kẹfà, àyà obìnrin yẹn lè ṣì máa fún un lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ohun tí dókítà rẹ̀ á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé àjà mélòó ló gùn lọ́sẹ̀ yìí, ìgbà mélòó ló fi ìka tẹ ọrùn, àti pé ẹ̀gbẹ́ wo ló fi ń sùn.